Àga, Fèrèsé àti Aago: Aboyún Nínú Ṣọ́ọ̀bù Onídìrí

Bí oyún bá ti hàn lára ọmọ iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, oníbàárà tó bá wọlé kò ní í ṣàì ṣàdúrà fún un. "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o." "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, oníbàárà á jókòó, aboyún tí wọ́n ṣàdúrà fún á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. Ó lè tó wákàtí 3 tàbí 4 lórí ìdúró kí orí ẹnì kan ṣoṣo tó parí.

Àdúrà yẹn dára, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àti afẹ́fẹ́ tí aboyún náà ń fà símú níbi tó dúró sí, àti aago tí yóò lù kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ òru. Ẹni tó ń ta epo bẹtiróòlù ń fa òórùn epo. Ẹni tó ń tajà nínú ilé ìtajà ńlá ń dúró láti òwúrọ̀ dalẹ́. Onídìrí ní tirẹ̀ lè pàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pàápàá nígbà tí ọdún bá ti sún mọ́lé.

Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá

Ẹ bá mi wo Sátidé tó gbẹ̀yìn kí Kérésìmesì tó dé, nínú ṣọ́ọ̀bù kan irú èyí tó wà ní gbogbo àdúgbò Ìbàdàn. Yàrá kan ni, kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ. Ilẹ̀kùn onígíláàsì wà níwájú. Fèrèsé kan wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó páálí átáṣìmẹ́ńtì dí i. Ọmọ iṣẹ́ tí à ń wò jẹ́ ẹni ọdún 24, oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, oṣù mẹ́rin ló sì kù kó ṣe fírídọ̀ọ̀mù.

Aago 7:30 àárọ̀ ló dé láti gbálẹ̀. Kí aago 8:30 tó lù, oníbàárà àkọ́kọ́ ti jókòó: ó fẹ́ fi rìláásà na irun. Aboyún yìí ló pa á sí i lórí, òun ló fọ̀ ọ́, òun ló gbé e sábẹ́ dáráyà. Láti aago 10 títí di aago 2, òun àti ọmọ iṣẹ́ kejì wà lórí irun dídì kan tó wẹ́. Ó fi ìṣẹ́jú 15 jẹun lórí bẹ́ńṣì. Kò mu omi púpọ̀, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù náà kò ní ilé ìtọ̀, ó di kó bẹ ará ilé kejì kó tó lè tọ̀.

Aago 3, ó po dáì. Aago 4:30, iná lọ, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ẹnu ọ̀nà, nítorí àwọn olè tó ń jí jẹnẹrétọ̀ gbé. Níwájú dígí kejì, ọ̀gá ń fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná janjan tẹ irun oníbàárà kan tó ní òun fẹ́ kẹ́rátìnì, èéfín rẹ̀ sì ń ta gbogbo ojú. Aago 6, ọmọ náà ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ń ro mí." Ọ̀gá, tí òun náà kò tíì jókòó láti àárọ̀, dá a lóhùn pé, "Pẹ̀lẹ́. Báyìí lèmi náà ṣe gbé oyún Bọ́lá. Fara dà á, ó máa tó tán." Ó fún un ní ìṣẹ́jú 10 lórí bẹ́ńṣì.

Aago 8 alẹ́, obìnrin méjì tún wọlé. "Ìyá Bọ́lá, ẹ má ṣe dá wa padà o, àárọ̀ ọ̀la la ń lọ sílé." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ọmọ náà tún rí ìṣẹ́jú 20 jókòó nígbà tí omi gbígbóná ń hó. Ó ku ìṣẹ́jú 10 kí aago 12 òru lù nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti aago 7:30 àárọ̀, wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 20 ti kọjá. Ìṣẹ́jú 45 péré ló fi jókòó nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni burúkú kankan nínú ìtàn yìí. Bí iṣẹ́ náà ṣe wà nìyẹn, bí ọ̀gá náà ṣe bá a nìyẹn. Ìdí tó fi yẹ ká tú u wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Ìdúró

Oyún a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ inú ara obìnrin pọ̀ sí i. Nígbà tó bá fi tó oṣù méje sí mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó bá ti sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè padà sí ọkàn. Ohun tó máa ń tì í gòkè ni ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun: bí a bá ń rìn, ẹran yẹn á máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gun òkè. Bí a bá dúró sójú kan, kò sí ẹni tó ń fún un. Ilé ọmọ tó ti wúwo tún wá dùbúlẹ̀ lé iṣan ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà. Ẹ̀jẹ̀ á wá sé sí ẹsẹ̀, èyí tó ń padà sí ọkàn á dín kù, èyí tí ọkàn ń rí fi ránṣẹ́ sí ibi ọmọ náà á sì dín kù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìrìn kọ́ ni mo ń bá wí. Aboyún tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọjà ń ran ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó dúró sẹ́yìn àga kan fún wákàtí mẹ́rin, tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ torí ikùn, tó sì gbé apá méjèèjì sókè, òun ni ìyà náà ń jẹ jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Rọ́tádáàmù ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2012, fi hàn pé orí ọmọ àwọn ìyá tí iṣẹ́ wọn mú ìdúró gígùn dání fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 kéré sí ti àwọn yòókù nígbà tí wọ́n bí wọn. Èyí kò sọ pé ọmọ náà ní àrùn. Ohun tó sọ ni pé ìdàgbàsókè rẹ̀ nínú ikùn falẹ̀ díẹ̀. Àwọn ìwádìí mìíràn ti so ìdúró gígùn mọ́ bíbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àfikún ewu náà kò pọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wú mi lórí jù níbí ni pé irun dídì kì í ṣe iṣẹ́ ìdúró láyé àtijọ́. Ẹ bi àwọn ìyá wa. Onídìrí a máa jókòó lórí àpótí, ẹni tó ń dirun á jókòó sórí ẹní láàárín orúnkún rẹ̀, á sì gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Ṣùkú, pàtẹ́wọ́, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀: orí ìjókòó ni wọ́n ti ń dì wọ́n. Àga gíga tó ń yí, dígí ńlá àti dáráyà ló gbé oníbàárà sókè, tó sì na onídìrí ró. Ìdúró yìí bá ohun èlò wọlé ni, kì í ṣe ara iṣẹ́ náà. Ohun tó bá ohun èlò wọlé, a lè fi ohun èlò lé e jáde.

Báwo ni aboyún ṣe máa mọ̀ pé ìdúró ti ń ṣe òun ní jàǹbá? Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú nírọ̀lẹ́, tó sì lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó sùn mọ́jú, wọ́pọ̀, ìsinmi ló ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ bá wú nígbà tó jí láàárọ̀, tí orí ń fọ́ ọ tí kò lọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún, ìdúró kọ́ nìyẹn mọ́. Kó lọ wọn ìfúnpá lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ti dé 140 lórí 90, kó má ṣe padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ dókítà ló yẹ kó wà. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń gbóná, tó sì ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Ẹ má ṣe fi òróró pa á, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ikùn tó ń le. Ikùn aboyún a máa le díẹ̀díẹ̀ lóṣù kẹfà sókè. Bí ó bá jókòó, tó mu omi, tó sì rọ̀, kò sí nǹkan. Bí ó bá le tó ìgbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan, tí oyún kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, ìrọbí lè ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìtọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ omi àti ilé ìtọ̀ sì wà nínú èyí. Aboyún tí kò mu omi nítorí pé kò rí ibi tọ̀, tó sì ń há ìtọ̀ mọ́ra, ń ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò nínú àpò ìtọ̀, kòkòrò yẹn sì wà lára ohun tó ń fa ìrọbí òjijì.

Afẹ́fẹ́

Nínú gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ onídìrí, rìláásà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ènìyàn jù. Lóòótọ́, kọ́sítíìkì sódà ló wà nínú oríṣi rẹ̀ kan, ìyẹn ohun kan náà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò, ó sì ń jẹ ara. Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ wà ní ọwọ́ ju imú lọ, nítorí pé kì í fò sínú afẹ́fẹ́. Ìbọ̀wọ́ tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan ló ń fẹ́. Èyí tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sá, tí wọ́n tún wọ̀, á ti ní ihò tí ojú kò rí.

Ohun tí imú ń gbé wọlé ló yẹ ká bẹ̀rù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí kẹ́rátìnì tí ọ̀gá ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ìpara yẹn ní fọ́máádíháìdì, tàbí ohun tó ń di fọ́máádíháìdì nígbà tí iná bá kàn án. Ìdílé kan náà ló ti wá pẹ̀lú fọ́málínì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Nínú igo, ó dákẹ́. Lábẹ́ áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 230, ó di èéfín, ó sì kún yàrá. Ẹni tó ń ṣe é nìkan kọ́ ló ń fà á, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ni.

Lọ́dún 1994, àwọn olùwádìí kan tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn aṣerunlóge ní ìpínlẹ̀ Àríwá Kàrólínà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà ní gbogbo ọjọ́, oyún bíbàjẹ́ pọ̀ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tí wákàtí iṣẹ́ wọn gùn, tí wọ́n ń fi kẹ́míkà ṣe orí púpọ̀, tí wọ́n ń fi fọ́máádíháìdì pa kòkòrò ara irinṣẹ́, tàbí tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe èékánná àtọwọ́dá nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ wo èyí tó gbẹ̀yìn dáadáa: ẹlòmíràn ló ń ṣe èékánná náà. Irú ìwádìí yìí kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kẹ́míkà ló ṣe é, nítorí pé ẹni tó ń ṣe orí púpọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dúró pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti jáde jẹ́ ti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ojú ló máa kọ́kọ́ sọ. Bí ojú bá ń ta bí ẹni pé wọ́n ń din ata, tí ọ̀nà ọ̀fun ń yúnni, afẹ́fẹ́ náà ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe gbára lé imú, nítorí pé imú a máa mọ́ òórùn lára. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ onídìrí kò ní í gbóòórùn ohun tí oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń gbọ́. Ẹ má sì gbára lé ìbòmú aláwọ̀ búlúù tàbí ti aṣọ. Irun tó ń fò ló lè dá dúró. Èéfín kẹ́míkà á gba inú rẹ̀ kọjá.

Jẹnẹrétọ̀ ẹnu ọ̀nà burú ju gbogbo èyí lọ. Afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, ló ń tú jáde, tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Ó máa ń gba àyè tó yẹ kí ọ́síjìn jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún máa ń dì í mú pinpin ju ti ìyá lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lára ọmọ. Nítorí náà, ara ìyá lè ti yá, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ọmọ inú rẹ̀ sì ṣì wà nínú ìṣòro. Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì àti èébì. Ẹ ò rí i pé àmì oyún náà nìyẹn? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣì í mú. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé ìgbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́? Ṣé orí ń fọ́ ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù? Ṣé ó fúyẹ́ nígbà tó jáde síta? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe oyún. Kí gbogbo ènìyàn jáde, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ ní ara òun ti yá.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí afẹ́fẹ́, òun ló sì ṣòro jù. Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 10 ni ọkàn, ọpọlọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ti ń gba ìrísí wọn. Lásìkò yẹn, obìnrin mìíràn kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sì mọ̀ lè fi pamọ́, nítorí pé wọ́n kì í tètè polongo oyún nílẹ̀ wa, ẹ̀rù sì lè máa bà á pé wọ́n á ní kó lọ bímọ kó tó padà wá kọ́ṣẹ́. Ìgbà tí ikùn bá fi yọ tí ọ̀gá ń sọ pé "má fọwọ́ kan dáì mọ́," àsìkò tó gbẹgẹ́ jù ti kọjá. Nítorí náà, fèrèsé kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí aboyún bá fẹnu ara rẹ̀ sọ. Gbogbo ọjọ́ ló yẹ kó wà ní ṣíṣí, fún gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀.

Aago

Ọpọlọ ní aago tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á máa tú omi ara kan jáde tó ń sọ fún ara pé àkókò oorun ti tó; iná tó tàn yòò lóru a máa dín in kù. Omi ara yìí wúlò fún oyún náà.

Ní orílẹ̀-èdè Dẹ́máàkì, àwọn olùwádìí tọpa iṣẹ́ àwọn aboyún tó lé ní 22,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹjọ oyún, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ òru ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní ewu oyún bíbàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tó fi nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí kò ṣe é. Kí èyí má ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù ju bó ti yẹ lọ. Kò túmọ̀ sí pé oyún 32 nínú 100 ni yóò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò: ká ní oyún 6 ni ì bá bàjẹ́ nínú 100 láìsí iṣẹ́ òru, á wá di bí 8. Fún ẹnì kan, àfikún náà kéré. Fún gbogbo obìnrin tó ń fòru ṣiṣẹ́ ní ìlú kan, oyún púpọ̀ ni.

Iṣẹ́ òru onídìrí tún yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tó ṣe òru á lọ sùn láàárọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wa tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní ìdajì òru, aago 7:30 ni wọ́n tún ń retí rẹ̀ láti gbálẹ̀. Ó ṣe òru, ó tún ṣe ọ̀sán, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko títí ọdún yóò fi kọjá.

Òfin wà, ṣùgbọ́n ta ló bá mu?

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò dákẹ́ lórí aboyún. Abala 54 sọ pé bí dókítà bá ti kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kí obìnrin bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀; wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọn yóò san fún un kò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá padà, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Abala 55 sì ka iṣẹ́ òru léèwọ̀ fún obìnrin ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti oko, ó sì yọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Ẹni tó ní agbanisíṣẹ́, tó sì ń gba owó, ni wọ́n wọn òfin yìí fún. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù, òun gan-an ló sanwó fún ọ̀gá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá náà kò ní agbanisíṣẹ́. Bí òun bá lóyún, ọjọ́ tó bá ti ilẹ̀kùn ni ọjọ́ tí kò jẹun. Ìyẹn ló fà á tí Ìyá Bọ́lá fi dúró lórí oyún tirẹ̀. Òfin tó lè dé inú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 yẹn kíákíá ni ti ẹgbẹ́ onídìrí àdúgbò: ẹgbẹ́ tó ń ṣèpàdé, tó ń dá iye owó irun, tó sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá rú òfin rẹ̀.

Ká tún ọjọ́ náà tò

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sátidé yẹn, pẹ̀lú ọ̀gá kan náà àti yàrá kan náà. Láàárọ̀, wọ́n kó páálí kúrò lójú fèrèsé, wọ́n sì gbé fáànù kan kọjú síta níbẹ̀ kó máa ti afẹ́fẹ́ jáde, ilẹ̀kùn iwájú sì wà ní ṣíṣí kí tuntun máa wọlé. Ọmọ iṣẹ́ kejì ló pa rìláásà, òun náà ló po dáì. Aboyún gba irun dídì. Oníbàárà jókòó sórí àpótí kúkurú, aboyún jókòó sórí àga tó ga díẹ̀, tó ní ibi ìfẹ̀yìntì, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí kékeré, ó ń pààrọ̀ ẹsẹ̀. Nígbà tí wákàtí kọ̀ọ̀kan bá pé, ó dìde, ó rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀gá ti bá ará ilé kejì sọ̀rọ̀ nípa ilé ìtọ̀, nítorí náà ó ń mu omi rẹ̀. Kó tó jẹun, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó sì jẹun níta.

Nígbà tí iná lọ, wọ́n fi wáyà gígùn gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, wọ́n sì fi ṣéènì dè é mọ́ òpó nítorí olè. Níwọ̀n bí fèrèsé ti wà lápá ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ kejì ọgbà ni wọ́n gbé e sí. Oníbàárà kẹ́rátìnì, wọ́n ní kó wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ tí aboyún kò ní í sí níbẹ̀. Aago 7 alẹ́, aboyún lọ sílé. Láti aago 7:30 àárọ̀, wákàtí 11 àti ààbọ̀ ni. Kò dúró ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ nínú rẹ̀.

Kí ló ná wọn? Wáyà, àga kan, àpótí méjì, àti àwọn oníbàárà méjì tó dé ní aago 8 alẹ́. Ti oníbàárà méjì yẹn kì í ṣe ohun kékeré lọ́wọ́ ọdún, n kò sì ní í ṣe bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá fi aago kan náà lélẹ̀ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, kò ní í sí ẹni tí oníbàárà rẹ̀ yóò sá lọ bá ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ onídìrí nìyí: kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn pé aboyún kò ní í dúró ju wákàtí kan lọ láìjókòó, pé fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà, pé aboyún kò ní í kọjá aago 7 alẹ́, àti pé ọ̀sẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ bá lò fún ìbímọ kò ní í ba fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n fi owó ìtanràn tì í lẹ́yìn, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó bá dín owó irun kù.

Ẹ̀yin oníbàárà náà ní ipa tiyín. Ẹ tètè lọ dirun ọdún. Bí ẹ bá sì wọlé tí ẹ bá aboyún, ẹ ṣàdúrà fún un bí ẹ ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn àmín, ẹ ní kí wọ́n gbé àpótí kúkurú wá fún yín, kí ọmọ náà lè rí àga jókòó.